Ọ̀nà Afìwéránṣẹ́ Kì í Ṣe Ààlà Ìjọba Ìbílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ló mọ SE15 bí ẹní mowó. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ìjọba ìbílẹ̀ wo ló ni àdúgbò náà, Southwark ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àmọ́ àwọn ilé kan wà ní SE15 yìí kan náà tó jẹ́ pé Lewisham ló ń gba owó-orí ilé lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ṣì í kọ. Àwọn tó ṣe kóòdù ìfìwéránṣẹ́ kò fìgbà kan ní ìjọba ìbílẹ̀ lọ́kàn.

Ní 1857, lẹ́tà ti pọ̀ ju ohun tí ọ́fíìsì kan ṣoṣo lè yà sọ́tọ̀ lọ. Rowland Hill tó ń darí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ nígbà náà fi ọ́fíìsì àgbà tó wà ní St Martin's le Grand ṣe ojúkò. Gbogbo ibi tó wà láàárín máìlì 12 sí ọ́fíìsì náà ló pè ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pín in sí mẹ́wàá. Ohun tó wò kò ju ibi tí lẹ́tà yóò gbà dé ọwọ́ olówó rẹ̀ kíákíá lọ. Ní ọdún yẹn, kò tíì sí ìgbìmọ̀ Káńtì Lọ́ńdọ̀nù pàápàá. 1889 ni wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀.

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà ábídí bíi SE, 1917 ló dé, lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn ọkùnrin tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú ti lọ sójú ogun, àwọn obìnrin tó rọ́pò wọn sì nílò ohun tí wọn yóò fi tètè mọ ibi tí lẹ́tà ń lọ. Agbègbè tí olú ọ́fíìsì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wà ni wọ́n fún ní 1. Àwọn tó kù, bí ábídí ṣe to orúkọ wọn ni wọ́n ṣe to nọ́ńbà wọn. Ìdí nìyẹn tí SE2, ìyẹn Abbey Wood, fi wà lọ́hùn-ún ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn, tí SE15, tó jẹ́ ti Peckham, sì sún mọ́ SE1 jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá rò pé nọ́ńbà wọ̀nyí ń tẹ̀ lé ara wọn lórí ilẹ̀ yóò ṣìnà.

Ní 1965 ni ààlà Lọ́ńdọ̀nù gbòòrò, tí wọ́n sì dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà níbẹ̀ lónìí sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ṣírò ohun tí yóò ná wọn láti yí tiwọn pa dà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Lójú tèmi, wọ́n ṣe é re, torí pé lẹ́tà kò yára sí i nítorí pé ìgbìmọ̀ kan yí ààlà rẹ̀ pa dà. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé Croydon wà nínú Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ CR ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ń lò. Abúlé Sewardstone tó wà ní Essex, lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù, ló tún wá ń lo E4 ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ibi tó hàn jù ni Westow Hill, nítòsí Crystal Palace. Ẹ̀gbẹ́ àríwá títì náà jẹ́ ti Lambeth, ẹ̀gbẹ́ gúúsù sì jẹ́ ti Croydon. SE19 ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ẹnì kìíní, ọ̀tọ̀ ni ti ẹnì kejì tó kọjú sí i.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ gan-an ni ìgbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ fi kóòdù ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kóòdù kan lódindi, bíi ìdílé méẹ̀ẹ́dógún ló máa ń kó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní kóòdù kan wà lórí ààlà Southwark àti Lewisham, tí ilé mẹ́sàn-án wà ní Southwark, tí mẹ́fà sì wà ní Lewisham. Àjọ tó ń rí sí ìṣirò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá àárín gbùngbùn àwọn ilé náà, wọ́n á mú ilé tó sún mọ́ ọn jù, ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé yẹn bá sì wà ni wọ́n máa kọ gbogbo kóòdù náà mọ́. Bó bá bọ́ sí Southwark, ilé mẹ́fà ti di ti Southwark nínú ìwé. Bí a bá ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Fún òbí tó ń wá ilé ẹ̀kọ́ fọ́mọ ní ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn, ó tó nǹkan púpọ̀, nítorí ìgbìmọ̀ tí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí.

Ojú òpó ìjọba tí wọ́n fi ń wá ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ mọ èyí. Bí kóòdù tí ẹ tẹ̀ bá gun ààlà, kì í méfò. Àwọn àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa kó jáde, kí ẹ mú tiyín. Ẹni tí kò bá fẹ́ wá a lórí ẹ̀rọ lè wo orí ìwé owó-orí ilé rẹ̀, torí orúkọ ìgbìmọ̀ tó ń gbà á wà níbẹ̀ gbàǹgbà.