Ṣé Ọ̀lẹ Ni Olùkọ́ Tí Kò Fẹ́ Kọ́ Wa Ní Lẹ́sìnnì Ọ̀sán?

Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi àárín sáà, mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nídìí ìwé. Yunifásítì tó wà ní Gidan Kwano ló ń lọ, ìṣàkóso okòwò ló ń kọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, wá bá mi wo ìbéèrè yìí, ó ń dà mí lọ́kàn rú." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Àṣé ọ̀rọ̀ wa gan-an ni! Olùkọ́ ìṣirò kan ló wà nínú rẹ̀, tí kò fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ọ̀sán nígbà tí Nẹ́kò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí a máa ń fún irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Ọ̀lẹ la máa ń pè é.

Mo da ìbéèrè náà kọ sílẹ̀, ohun tó sọ nìyí:

Olùkọ́ ìṣirò kan wà ní ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Minna. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ kó máa kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olùkọ́ náà gbà pé bí òun bá ṣe é dáadáa, ìrètí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn á rí kírẹ́díìtì jẹ́ méje nínú mẹ́wàá. Ìgbéga wù ú gan-an, 0.9, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé iye ọdún ni wọ́n fi ń gbéni ga, èsì ìdánwò kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀, ìyẹn 0.1. Ọdún márùn-ún tí òfin 2022 fi kún ọdún iṣẹ́ olùkọ́ wù ú náà, 0.8, ó sì dájú pé yóò kàn án. Ọpẹ́ àwọn òbí àti ọmọ wù ú díẹ̀, 0.5, ó sì gbà pé bí wọ́n bá yege, òun á rí i, 0.8. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yege, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún di kíláàsì sí i lórí lọ́dún tó ń bọ̀, 0.5, èyí kò sì wù ú rárá, -0.6. Bí ó bá lọ kọ́ ọmọ nílé oníle ní ọ̀sán kan náà ńkọ́? Ó dá a lójú dé 0.9 pé òun á lè ṣe é, owó rẹ̀ á sì dé tó bá ti ṣe é, 1.0. Owó náà wù ú dé 0.6. Èwo ni olùkọ́ yìí á ṣe, kí sì ni ọ̀gá lè yí padà?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó la irú ìṣirò yìí sílẹ̀. Victor Vroom ni, ọmọ bíbí ìlú Montreal ní Kánádà. Ó gbé e jáde nínú ìwé kan ní ọdún 1964. Ó ní kí ènìyàn tó sapá, ohun mẹ́ta ló máa ń wò lọ́kàn ara rẹ̀. Àkọ́kọ́: bí mo bá sapá, ṣé iṣẹ́ náà á bọ́ sí i? Ìyẹn ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ń pè ní ẹkisipẹkitánsì, E la ó pè é. Èkejì: bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i, ṣé òun ló máa fa èrè náà wá? Ìnsitirumẹntálítì nìyẹn, I. Ẹ̀kẹta: èrè ọ̀hún gan-an, báwo ló ṣe wù mí tó? Fálẹ́ǹsì, V. Èrè tí kò wuni, tó jẹ́ ìyà, ààmì òdì ni V rẹ̀ máa ń ní.

Báyìí ni a ṣe ń so wọ́n pọ̀:

F = E × (I1V1 + I2V2 + I3V3 + ...)

F yẹn ni agbára tí ń ti ènìyàn sí iṣẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: ìsọdipúpọ̀ ló wà láàárín wọn, kì í ṣe ìròpọ̀. Ìdí rẹ̀ kò le. Bí ẹ bá fẹ́ fún mi ní mọ́tò, tí mo mọ̀ pé n kò lè ṣe iṣẹ́ náà láéláé, mọ́tò yẹn kò lè mú mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Òdo kan ti pa gbogbo ìyókù. Ẹni tó bá rò wọ́n pọ̀, á sọ pé mọ́tò ṣì ní agbára díẹ̀. Irọ́ ni.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ìgbéga: 0.1 × 0.9, ó jẹ́ 0.09. Ọpẹ́: 0.8 × 0.5, ó jẹ́ 0.40. Kíláàsì àfikún: 0.5 × -0.6, ó jẹ́ -0.30. Ó wá ku ọdún márùn-ún.

Ibí ni mo ti ṣubú, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti ṣubú ṣáájú mi. Mo ní, ó dájú pé yóò kàn án, ìdájú sì ni 1, nítorí náà 1 × 0.8. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin náà ṣe ná. Ní ọjọ́ 5, oṣù Ọ̀wàrà, 2020, tí í ṣe Ọjọ́ Olùkọ́, ìjọba Ààrẹ Buhari kéde pé wọ́n á sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ síwájú. Ní 2022 ó di òfin: ọdún 65 dípò 60 ni olùkọ́ á fẹ̀yìntì, tàbí lẹ́yìn ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ dípò márùndínlógójì. Ohun rere ni. A ti gbọ́ ọ títí pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà, ó kéré tán èyí wá sáyé.

Ṣùgbọ́n ta ni òfin náà fún? Olùkọ́ tó kọ́ni ní ọ̀sán àti olùkọ́ tó ń sùn ní ọ̀sán, ọdún márùn-ún kan náà ni. Bí gbogbo SS3 bá gba A1, á gbà á. Bí gbogbo wọn bá gba F9, á ṣì gbà á. I kì í béèrè pé "ṣé èrè náà á dé?" Ohun tó ń béèrè ni pé "ṣé àṣeyọrí yìí ló máa mú un dé?" Nígbà tí ṣíṣe àti àìṣe kò yí i padà, òdo ni I. Vroom fúnra rẹ̀ gbé I kalẹ̀ láti -1 dé +1 (ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ti gé e sí 0 dé 1). Òdo tó wà láàárín yẹn túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí. Nítorí náà 0 × 0.8, òdo.

Àpapọ̀ wá di 0.09 + 0 + 0.40 - 0.30, tí í ṣe 0.19. Ẹ fi E sọ ọ́ di púpọ̀: 0.7 × 0.19, ó jẹ́ 0.133. Ti ilé oníle: 0.9 × (1.0 × 0.6), ó jẹ́ 0.54. Ilé oníle ló ń lọ, kò tiẹ̀ sún mọ́ra. Ẹni tó bá kọ 1 síbi òdo yẹn, 0.693 ni yóò rí fún lẹ́sìnnì ọ̀sán. Á wá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé olùkọ́ náà á dúró kọ́ SS3. Máàkì ti lọ nìyẹn.

Ṣé òfin náà kò wúlò ni? Rárá o. Bí ìbéèrè bá jẹ́ pé "ṣé olùkọ́ yìí á fi iṣẹ́ sílẹ̀ àbí á dúró?", dídúró sẹ́nu iṣẹ́ ló ń mú ọdún márùn-ún yẹn wá, I rẹ̀ á sì ga. Èrè kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀, iye ọ̀tọ̀. Ó lè dá olùkọ́ dúró sílé-ìwé láìjẹ́ pé ó mú un wá sí kíláàsì ọ̀sán.

Ó wá kan ọ̀gá. Kí ló lè ṣe? Ohun tó sábà máa ń wá sọ́kàn ni sẹ́mínà, kí wọ́n tún kọ́ olùkọ́ ní ọ̀nà ìkọ́ni. E ni ìyẹn ń gbé sókè. Ká ní ó tiẹ̀ gbé e dé 1.0 pátápátá, 1.0 × 0.19 ṣì jẹ́ 0.19. Kò dé ibì kan. Ó tún lè máa fi ìgbéga dán an wò, kó máa yìn ín títí V rẹ̀ á fi di 1.0. Àpapọ̀ á di 0.20, F á sì jẹ́ 0.14. Ariwo lásán. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èsì ìdánwò gbéni ga ní gbangba, tí olùkọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lára ẹnì kan, tí I wá kúrò ní 0.1 tó di 0.8. Ìgbéga á di 0.72, àpapọ̀ á di 0.82, F á di 0.574. Ó ti borí ilé oníle, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀ báyìí. Okùn tó já níbẹ̀ ni I, òun sì ni ohun tí ọ̀gá lè so.

Ẹ kíyè sí i pé iye tí ó wà lọ́kàn olùkọ́ la fi ṣírò, kì í ṣe ti ọ̀gá. Ọ̀gá lè gbà pé 0.8 ni I ìgbéga láti ọjọ́ pípẹ́. Bí olùkọ́ bá ń rí 0.1, 0.1 náà ni.

Èmi ò ní purọ́ fún yín pé ẹnikẹ́ni ń rìn kiri pẹ̀lú 0.574 lórí. Ní 1996, Wendelien van Eerde àti Henk Thierry kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí àbá Vroom jọ. Wọ́n rí i pé ìsọdipúpọ̀ yìí kò sọ àsọtẹ́lẹ̀ ju bí a bá wo E, I àti V lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Wọ́n tún rí i pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa jù nígbà tí a bá fi wé àwọn ọ̀nà tó wà níwájú ẹnì kan ṣoṣo, bí a ti ṣe yìí. Nítorí náà, ẹ má fi 0.133 ti olùkọ́ ìṣirò wé ti olùkọ́ Bàólójì kí ẹ wá ní ọ̀kan ya ọ̀lẹ ju èkejì lọ. 0.9 tèmi àti 0.9 tìrẹ, ta ló wọ̀n wọ́n?

Iṣẹ́ tiyín fún ìpàdé ọjọ́ Wẹ́sídeè nìyí. Ẹ fi I ìgbéga sílẹ̀ ní 0.1. Ká ní ọ̀gá ṣèlérí pé ẹni tó bá kọ́ni ní ọ̀sán kò ní gba kíláàsì àfikún lọ́dún tó ń bọ̀, olùkọ́ sì gbà á gbọ́, tí I ìyà yẹn di òdo. Mélòó ni F á jẹ́? Ṣé olùkọ́ á wá? Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìdáhùn wá pẹ̀lú gbogbo ìṣirò rẹ̀, èmi ni n ó pọnmi fún un ní àárọ̀ Sátidé. Mo mọ̀ pé V yẹn ga dáadáa ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ Minna yìí.

Ẹ sì wo I rẹ̀ o: ẹni àkọ́kọ́ nìkan.