Bí A Ṣe Ń Yọ Fèrèsé Sára Sílíkọ́nì

Àwọn ṣíìpù tó wà nínú fóònù yín bẹ̀rẹ̀ láti ara àwo pẹlẹbẹ kan tí a fi sílíkọ́nì ṣe, tó ń dán bíi dígí. Kí àwo yìí tó lè ṣiṣẹ́, a gbọ́dọ̀ fi èròjà bíi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sínú rẹ̀ ní àwọn ojú kan, kí ó má sì dé ojú mìíràn. Báwo ni a ṣe ń dí ibì kan, tí a sì ń ṣí ibòmíràn? Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé fèrèsé kan ṣoṣo, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 5. Irun orí nípọn jù ú lọ dáadáa.

Ìbòrí ló kọ́kọ́ ń wá. Bí irin bá pàdé omi àti afẹ́fẹ́, yóò dógùn-ún. Sílíkọ́nì náà ní irú ìyẹn, àmọ́ tirẹ̀ kì í bà á jẹ́: gíláàsì ni ó ń dà lójú àwo. Ní ọdún 1955, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, gáàsì háídírójìn ṣèèṣì gbaná nínú ìléru Carl Frosch àti Lincoln Derick. Omi tó ti ibẹ̀ jáde bí oru fi gíláàsì bo sílíkọ́nì wọn. Wọ́n wá rí i pé ọ̀pọ̀ èròjà kò lè gba inú gíláàsì náà kọjá.

Lónìí, a ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Nínú ìléru tó gbóná tó 1100°C, bí a bá lo oru omi, gíláàsì tó nípọn tó nánómítà 500 yóò hù láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Bí a bá lo ọ́síjìn gbígbẹ, yóò gbà ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Gíláàsì yìí kì í kàn jókòó lórí àwo. Ó ń jẹ nínú àwo náà. Nánómítà 500 yìí ti jẹ nǹkan bí 220 nínú sílíkọ́nì.

Lẹ́yìn èyí, a ó da ọ̀dà kan tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà sórí gíláàsì náà, a ó sì fi ẹ̀rọ yí àwo náà bí òkòtò títí ọ̀dà yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ti rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ óò rántí pé ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Iṣẹ́ kan náà ni ọ̀dà yìí ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé aládìrẹ ń fi ọwọ́ ya ẹ̀kọ tirẹ̀ síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n ọ̀dà yìí ń bo gbogbo ojú àwo, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń ya àwòrán sí i. A ó gbé gíláàsì alápẹẹrẹ sí òkè rẹ̀, a ó tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí sí i, ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà bá bà yóò sì yọ́ kúrò nínú omi ìfọ̀ kan. Ìdí nìyí tí iná yàrá iṣẹ́ náà fi jẹ́ àwọ̀ ìyeyè: ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yí ọ̀dà padà.

Ó wá kan ásíìdì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ásíìdì tó ní flúórìnì ń jẹ gíláàsì ṣùgbọ́n kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ sílíkọ́nì. Inú ike ni a ń gbé e sí, torí ó lè jẹ ìgò. Ó sì léwu gan-an: ó lè wọ ara kí èèyàn má tètè mọ̀ ọ́n lára. Bí èyí tí a pò bá ń jẹ nánómítà 100 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 5 ni yóò fi jẹ 500 tán. Bí a bá tètè yọ àwo náà, gíláàsì fẹ́ẹ́rẹ́ yóò kù nínú fèrèsé, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò sì ní ríbi wọlé. Bí a bá pẹ́ jù, fèrèsé yóò máa fẹ̀ sí i, nítorí ásíìdì kì í jẹ ìsàlẹ̀ nìkan. Ó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ náà lábẹ́ ọ̀dà. Nígbà tó bá fi kan sílíkọ́nì, ó ti jẹ nǹkan bí nánómítà 500 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnu òkè fèrèsé wa ti di máíkírómítà 6.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ wo ẹ̀yìn àwo náà, níbi tí gíláàsì wà tí a kò kun ọ̀dà sí. Omi máa ń tẹ́ lórí gíláàsì, ṣùgbọ́n bí gíláàsì bá ti tán, omi yóò ṣẹ́jọ, yóò sì yí kúrò bí omi ṣe ń yí lórí ewé kókò. Bí ẹnu fèrèsé bá wá rí jágajàga lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, ẹ má dá ásíìdì lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kí àwo má gbẹ dáadáa kí a tó da ọ̀dà sí i, tí ọ̀dà fi ṣí, tí ásíìdì sì yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀.

Fún fèrèsé tó kéré ju máíkírómítà 1 lọ, jíjẹ ẹ̀gbẹ́ yìí kò ṣeé gbà mọ́. Gáàsì flúórìnì tí a fi iná mànàmáná tú ni a ń lò dípò ásíìdì, torí a lè darí rẹ̀ kó máa jẹ lọ sísàlẹ̀ tààrà. Ní ti fèrèsé tiwa, ó ku kí a fi ásítóònì fọ ọ̀dà kúrò, kí a sì gbé àwo padà sínú ìléru fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì.