"Ẹ Sọ̀rọ̀ Nípa Ara Yín": Ìdáhùn Tí Kò Gbọdọ̀ Pé Ìṣẹ́jú Méjì

Nílẹ̀ Yorùbá, bí a bá bi ènìyàn pé ta ni, ilé baba rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ ta ni, ará ibo ni, kó tó wá kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àṣà yìí bá ibi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ mu, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́nà níwájú agbanisíṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ara wọn, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni orúkọ, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, "ọmọ márùn-ún ni wá, èmi ni ìkejì". Ìṣẹ́jú kan á ti lọ, wọn kò ì tíì jáde nílé ẹ̀kọ́ girama.

Èyí tó bá wúlò níbẹ̀ ti wà nínú sívì tó wà lórí tábìlì. Ohun tí agbanisíṣẹ́ ń bèèrè gan-an ni pé: kí lẹ ń ṣe báyìí, kí lẹ ti ṣe rí tó jọ iṣẹ́ tiwa, kí ló sì dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa lẹ wá? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tẹ̀ léra yìí náà ló yẹ kí ìdáhùn yín tẹ̀ léra.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń wá iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní iléeṣẹ́ kan tó ń ta oògùn n'Íbàdàn. Kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ó mú ìkéde iṣẹ́ náà, ó sì fàlà sídìí ohun mẹ́ta tí wọ́n tẹnu mọ́: kíka ọjà kó pé, fífi kọ̀ǹpútà ṣe àkọsílẹ̀, àti bíbá àwọn awakọ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tí kò bá ti kan mẹ́ta yìí, ó yọ ọ́ kúrò, títí kan ẹgbẹ́ akọrin tó ń darí. Ìdáhùn rẹ̀ wá lọ báyìí:

"Ẹ ṣeun, sà. Ibi ìkóoògùnsí ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n sì ní kí n dúró. Èmi ni mò ń gba ọjà wọlé, èmi náà ni mò ń kọ èyí tó bá jáde sínú kọ̀ǹpútà. Èmi àti awakọ̀ la jọ máa ń ka ẹrù kí n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, iwájú ni wọ́n ń to oògùn tuntun sí, ti àtijọ́ á wà lẹ́yìn títí ọjọ́ lílò rẹ̀ á fi kọjá. Páálí mẹ́ta là ń dà nù lóṣù. Mo tún un tò, kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù máa wà níwájú, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ní oṣù kẹrin, páálí kan ṣoṣo la dà nù. Ọjà tiyín ń lọ sí ìlú púpọ̀. Bí a ṣe ń ṣọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀ sí i, ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Kò pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ kára. Ọ̀rọ̀ páálí ti sọ ìyẹn. Ó sì ti fi ìbéèrè tó kàn sí wọn lẹ́nu: ó ṣeé ṣe kí wọ́n bi í bó ṣe tún oògùn tò, ọ̀rọ̀ tó sì mọ̀ dunjú nìyẹn. Ẹni tí kò tíì gbaṣẹ́ rí lè mú ti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ wá, bó bá jẹ́ òun ló ń ṣe ìṣirò ibẹ̀ lóòótọ́.

Ní ti àkókò, ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń sọ tó ọ̀rọ̀ 130 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ á gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 200. Bí tiyín bá ju 250 lọ, ẹ gé e, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ń ro ìtàn ilé ìwé. Ẹ fi fóònù gba ohùn ara yín sílẹ̀, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ọ sórí bí àkọ́sórí, torí bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù, ìyókù á dàrú. Kókó ni kí ẹ dì mú: awakọ̀, páálí, ọjọ́ Ẹtì.

Bí wọ́n bá gbọ́ tiyín tán tí wọ́n tún ń bèèrè pé, "Iṣẹ́ wo wá lẹ ń ṣe báyìí?", ẹ mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ jù lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì ti sọ ìdí tí ẹ fi wá, ẹ dákẹ́. Ẹ má fi "ó parí, sà" dí i. Ọ̀rọ̀ tó kàn, tiwọn ni.