Lẹ́tà tí Tísà fi fiṣẹ́ sílẹ̀

Nígbà tí tísà bá fẹ́ kúrò nílé-ìwé lọ sí òkè òkun, lẹ́tà tó máa ń kọ́kọ́ kọ, ẹnu ló fi ń kọ ọ́. Ohun tí ì bá sọ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá ló máa kó sórí fóònù, tá á sì fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo irú rẹ̀ kan. Àpẹẹrẹ tí mo hun ni, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé-ìwé aládàáni rí á mọ ohùn rẹ̀. Obìnrin kan ti kọ́ ọmọ ní Físíìsì fún ọdún méje nílé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì aládàáni kan n'Íbàdàn. Ìyá tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ ló kọ̀wé sí:

“Ẹ káàárọ̀ mà, Mọ́mì wa. Ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mà, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò tí mo ti ń gbàdúrà sí látọjọ́ yìí ti ń bọ́ sí i. Ilé-ìwé kan ní Líìdì ti gbà mí, físà nìkan ló kù. Tó bá jáde, mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, bóyá ní ìparí táàmù yìí tàbí bí ẹ bá ṣe fẹ́ mà. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ̀ǹda mi. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí, owó oṣù kìn-ín-ní ò tíì wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí ìyẹn mà. Ẹ foríjì mí fún gbogbo ibi tí mo ti ṣẹ̀ yín, àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn náà. Ẹ̀yin ni ìyá mi, mi ò ní gbàgbé yín láéláé.”

Kò sí àléébù nínú ọ̀rọ̀ yìí bí a bá fi ẹnu sọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ló ń sọ̀rọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé inú fáìlì ló ń lọ, ìyá tí wọ́n kọ ọ́ sí sì lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá ṣí fáìlì náà. Fún tísà tó ń lọ sí Íńgílándì, wọ́n á ṣí i lóòótọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni ìjọba ibẹ̀ ti fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ wọn lè béèrè fún ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní QTS, láìjẹ́ pé wọ́n tún padà lọ kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni níbẹ̀. Àwọn ilé-ìwé Íńgílándì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wádìí ìwà ẹni tó fẹ́ wá dúró níwájú ọmọdé. Ìlànà ààbò ọmọdé wọn sọ pé kí wọ́n gba ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́ ẹni tó wà nípò gíga níbi tí olùkọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ilé-ìwé, kí ọ̀gá àgbà fìdí rẹ̀ múlẹ̀, pàápàá lórí bóyá wọ́n ti bá a wí rí. Bí ó bá yí iṣẹ́ padà lọ́hùn-ún lọ́la, ìbéèrè tún lè wá sí Ìbàdàn. Ọ̀gá tuntun tí kò mọ̀ ọ́n rí á fa fáìlì yọ, á sì kà á.

Ohun tó máa kọ́kọ́ kà ni “ẹ foríjì mí fún gbogbo ibi tí mo ti ṣẹ̀ yín, àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn náà.” Nílé Yorùbá, ẹni tó ń dágbére a máa tọrọ àforíjì bí kò tilẹ̀ ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹni tó ń gbọ́ ọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò gbọ́ ohùn, kò rí ojú. Ohun tó rí ni òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ṣẹ̀. Kí ló ṣe? Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ó lè jẹ́ pé tísà kàn pẹ́ dé ibi ìpàdé àwọn òbí ni, àmọ́ ìwé náà kò sọ, ọkàn èèyàn sì máa ń yára lọ síbi tó burú. Èmi á yọ gbólóhùn yẹn tegbòtegbò. Kí ó lọ bá ìyá nínú ọ́fíìsì kí lẹ́tà tó dé, kí ó tọrọ àforíjì tó bá wù ú níbẹ̀, kí ó sì gba àdúrà. Ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà, nítorí lẹ́tà tó bá ṣáájú ẹsẹ̀ ẹni dé ọ̀dọ̀ àgbà máa ń múnú bí wọn.

Èyí tó léwu jù lẹ́yìn ìyẹn ni “tó bá jáde, mo fẹ́, bóyá.” Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan méjì: kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí. Ti tísà yìí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó sọ ohun tó ń rò, ó so ó mọ́ físà, ó sì fi ọjọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbà á. Bí ilé-ìwé bá fẹ́, wọ́n lè sọ pé kò tíì fi nǹkan kan tó wọn létí. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ lọ́nà kejì, wọ́n lè wá ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ náà gan-an, kí físà má sì jáde. Nítorí náà, kí físà wọ ọwọ́ kí bébà tó wọ àpò ìwé. Fún ẹni tó bá béèrè fún físà iṣẹ́ Íńgílándì láti ìta, ìdáhùn máa ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní gbogbogbòò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì tẹ ìka rẹ̀. Ìdúródè yẹn kò pẹ́ tó ohun tí a ó torí rẹ̀ fi iṣẹ́ ṣeré.

“Ẹ yọ̀ǹda mi” náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹni tó bá tọrọ ìyọ̀ǹda ti gbà pé wọ́n lè kọ̀. Ohun tí àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà sì ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ń múlẹ̀ láti ìgbà tí agbanisíṣẹ́ bá ti gba ìwé náà, wọn ìbáà dáhùn, wọn ìbáà má dáhùn. Ohun tó jẹ wọ́n ni ìfitónilétí tí a jọ ṣàdéhùn, ìyẹn àkókò tó wà láàárín lẹ́tà àti ọjọ́ ìkẹyìn.

Báwo ni yóò ṣe mọ iye àkókò náà? Kó lọ wá ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà béèrè oṣù kan lọ́wọ́ ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ òṣìṣẹ́ tí òfin yẹn ń bá wí ni ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, kò ka àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ onímọ̀ bíi tísà mọ́ wọn. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ fún tísà. Àwọn ilé-ìwé kan kọ oṣù kan síbẹ̀, àwọn mìíràn kọ odindi táàmù, tàbí owó tí a ó san dípò rẹ̀. Ti tísà wa jẹ́ oṣù kan. Bó bá fún wọn níwèé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2026, oṣù náà á pé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde.

Ó ku owó. “Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú, ṣùgbọ́n nínú ìwé, ẹni tó jẹ gbèsè lè tọ́ka sí i pé o ti fi owó náà jìn ín. Ìráhùn kò sì ní mú owó jáde. Kí ó béèrè rẹ̀ ní gbólóhùn kan tí kò ní ìbínú nínú, kí ó sọ oṣù tó jẹ́ gan-an. Líìdì àti ilé-ìwé tó gbà á níbẹ̀ kò kan fáìlì yìí. Pé ó ń kó lọ sí Íńgílándì ti tó.

Èyí ni bí mo ṣe tún un kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń fi gba irú ìwé báyìí, ẹ sì lè gbé e lọ síbẹ̀ bó ṣe wà:

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 2026

Sí Olùdásílẹ̀ Ilé-ìwé,
Nípasẹ̀ Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé

Ọ̀gá mi,

ÌFIṢẸ́SÍLẸ̀: OLÙKỌ́ FÍSÍÌSÌ

Mo fi ìwé yìí fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ Físíìsì nílé-ìwé yìí. Ìfitónilétí oṣù kan tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi béèrè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọjọ́ tí n ó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ni ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 2026. Mo ń kó lọ sí Íńgílándì.

Kí ọjọ́ náà tó pé, n ó fi máàkì táàmù kejì sílẹ̀, n ó sì fa kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdánrawò àti àwọn ohun èlò ibẹ̀ lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ ibi tí mo bá kíláàsì kọ̀ọ̀kan dé wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣírò owó oṣù mi títí di ọjọ́ ìkẹyìn tí mo dárúkọ, pẹ̀lú ti oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí tó ṣì wà nílẹ̀.

Mo dúpẹ́ fún ọdún méje tí mo fi ṣiṣẹ́ níbí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
(Ìbuwọ́lùwé àti orúkọ)

Ẹ wò ó bí àdúrà àti ẹkún ṣe lọ, síbẹ̀ tí kò dà bí ẹni tó ń jà. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ tó so mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tó wà ní ọdún kẹta sẹ́kọ́ńdírì àgbà máa jókòó ìdánwò Wáẹ̀kì láìpẹ́, wọ́n sì ní ìdánrawò Físíìsì nínú rẹ̀. Bébà tó sọ pé wọ́n ti ṣe ti ìmọ́lẹ̀ àti ti okùn tó ń fì, pé ti iná mànàmáná ló kù, pé mítà méjì nínú kọ́bọ́ọ̀dù ti bàjẹ́, á wúlò fún ọ̀gá ju ojú ìwé mẹ́ta ọpẹ́ lọ.

Kó tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Akọ̀wé ilé-ìwé á gba ọ̀kan, á kọ ọjọ́ sára èkejì, á buwọ́ lù ú tàbí kó lù ú ní òǹtẹ̀, ìyẹn sì ni tísà á tọ́jú. Níwọ̀n bí ìfiṣẹ́sílẹ̀ ti ń múlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á, ẹ̀dà yẹn ni ẹ̀rí ọjọ́ náà. Bí akọ̀wé bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kó fi ránṣẹ́ sí í-meèlì ilé-ìwé lọ́jọ́ kan náà.

Ó ṣeé ṣe kí ìyá ilé-ìwé pè é kó ní, “Ọmọ mi, bá mi dúró kí àwọn ọmọ parí Wáẹ̀kì.” Bí ọjọ́ ìrìnàjò bá gbà á láyè, kò burú, àmọ́ kí ó kọ ìwé kejì tó ní ọjọ́ tuntun nínú, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú. Bí ó bá gbà á lẹ́nu lásán, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ló ṣì wà nínú fáìlì. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ló ṣáájú ọjọ́ yẹn, kó yẹ ìwé ìgbanisíṣẹ́ wò bóyá ó gbà kí wọ́n yọ ọjọ́ tó kù nínú owó rẹ̀, kó kọ iye ọjọ́ náà sínú lẹ́tà, kó sì gba rìsíìtì.