Bí Ọlọ́dẹ Bá Dákẹ́: Ọgbọ́n Tí A Fi Ń Mọ̀ Pé Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Ti Dúró Láìpariwo

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, màmá kan tó ni ilé ìtajà oògùn n'Ìbàdàn pè mí. Ẹ̀ka kan wà ní Mọ́kọ́lá, ọ́fíìsì àgbà wọn sì wà ní Dùgbẹ̀. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "ẹ̀rọ tó o tò fún wa sọ pé páálí oògùn ibà 16 ló kù ní Mọ́kọ́lá. Mo débẹ̀, n ò bá ju méjì lọ. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ń sunkún, ó ní òun ò mú nǹkan kan. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ọmọbìnrin náà ló yẹ kí wọ́n gbà gbọ́. Alaalẹ́ ni kọ̀ǹpútà Mọ́kọ́lá máa ń fi àkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n tà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Dùgbẹ̀, kí ìwé méjèèjì lè dọ́gba. Iṣẹ́ ìmúdọ́gba ni mo ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yẹ Dùgbẹ̀ wò, fáìlì tó dé kẹ́yìn láti Mọ́kọ́lá ti pé ọjọ́ 23. Odidi ọjọ́ 23 làwọn oníbàárà fi ń ra oògùn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ohunkóhun kò sì dé Dùgbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fura.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le rárá. Díìsìkì kọ̀ǹpútà Mọ́kọ́lá bà jẹ́, atúnkọ̀ǹpútàṣe kan sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú `/home` sórí èyí tuntun, títí kan ìwé àṣẹ tó ń ṣe ìmúdọ́gba náà. Ṣùgbọ́n `cron`, ìyẹn aago tó ń jí iṣẹ́ náà lálaalẹ́, kì í tọ́jú àtòjọ àkókò rẹ̀ sínú `/home`. Inú `/var/spool/cron` ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó ránti ibẹ̀. Iṣẹ́ wà ní ipò rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jí i mọ́.

Ìkìlọ̀ tí kò lè dún

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti ṣe ìkìlọ̀ sínú ìwé àṣẹ náà. Bí ìmúdọ́gba bá kùnà, bóyá nítorí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já tàbí pé ọ̀rọ̀ aṣínà ti yí padà, ìwé àṣẹ náà á fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi. Mo rò pé mo ti ṣọ́ ọ tán. N ò ro ti iṣẹ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ kò lè kùnà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ránṣẹ́ pé òun kùnà. Bí ará Mọ́kọ́lá bá tètè pa jẹnẹrétọ̀ kí àkókò iṣẹ́ tó pé, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀, torí `cron` kì í padà sí iṣẹ́ tí àkókò rẹ̀ kọjá nígbà tí kọ̀ǹpútà kú. Bí iṣẹ́ náà bá sì bẹ̀rẹ̀ tó há sójú ọ̀nà, tí kò parí, tí kò sì kùnà, kò ní sọ̀rọ̀ bákan náà.

Àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò wa ti mọ ọ̀nà àbáyọ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Lóru, ní wákàtí wákàtí, ọlọ́dẹ á fi irin lu òpó iná tàbí irin àtijọ́ tí wọ́n so kọ́. Kì í ṣe pé olè dé ló ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé òun wà, òun ò sùn. Bí aago méjì bá lù tí ẹni tó jí lórí ibùsùn rẹ̀ kò gbọ́ irin, ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ọlọ́dẹ. Ìdákẹ́jẹ́ náà ni ìkìlọ̀.

Ohun tó yẹ kí iṣẹ́ ìmúdọ́gba máa ṣe gan-an nìyẹn. Nígbàkúgbà tó bá parí dáadáa, kó fi àmì ìyè kékeré kan ránṣẹ́. Kí ẹlòmíràn tó wà níbòmíràn máa retí àmì náà, kó sì pariwo bí kò bá gbọ́ ọ. Ẹni tó ń retí náà kò gbọdọ̀ sí lórí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́, torí bí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú, àwọn méjèèjì ni yóò jọ kú.

Bí a ṣe tún Mọ́kọ́lá tò

Mo kọ́kọ́ yí àkókò padà. Agogo 8:30 alẹ́ ni wọ́n ń ti ilé ìtajà, wọ́n sì máa ń pa jẹnẹrétọ̀ ní nǹkan bí agogo 9:30. Dípò òru, mo gbé iṣẹ́ náà sí 8:45 alẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, torí wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi:

```
45 20 * * 1-6 /home/oja/bin/mudogba.sh
```

Ìwé àṣẹ náà fúnra rẹ̀ kò gùn:

```
#!/bin/sh
set -e
timeout 40m rsync -a /home/oja/tita/ dugbe:/data/tita/
curl -fsS -m 10 --retry 5 https://hc-ping.com/NOMBA-YIN
```

`rsync` ló ń kó fáìlì lọ sí Dùgbẹ̀. `timeout 40m` ń gé e bí ó bá há kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ìlà tó kẹ́yìn ni irin ọlọ́dẹ: ó kàn ilẹ̀kùn àdírẹ́sì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kíyè sí `set -e`. Ó ń sọ pé bí ìlà kan bá kùnà, kí gbogbo rẹ̀ dúró níbẹ̀. Bí kò bá sí i, ìmúdọ́gba lè kùnà kí irin ṣì dún, ọlọ́dẹ á wá máa lu irin lójú oorun.

Ilé iṣẹ́ tó ń gba àmì ìyè yìí ni Healthchecks.io. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbé irú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, torí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Mo sọ àkókò iṣẹ́ wa fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú `cron`. Mo tún fún un ní `Grace Time`, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tó lè fi sùúrù kó tó pariwo. Iṣẹ́ wa kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lọ́pọ̀ ìgbà, `timeout` kò sì ní jẹ́ kí ìkówọlé fáìlì kọjá ogójì, nítorí náà mo fún un ní ìṣẹ́jú 45. Bí agogo 9:30 bá lù tí irin kò tíì dún, ìpè á jáde.

Ẹ má gbàgbé láti yan `Africa/Lagos` níbẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sí `UTC`, yóò máa retí iṣẹ́ wa ní 9:45 alẹ́ tiwa. Àmì á ti dé ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú, ẹ̀rọ náà á sì máa pè yín lálaalẹ́ lórí ohun tí kò bà jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ò ní dá a lóhùn mọ́, ọjọ́ tí nǹkan bá bà jẹ́ lóòótọ́ lẹ máa kábàámọ̀.

Irin dún, ṣùgbọ́n àpò ṣófo

Àmì ìyè ní ibi tó mọ. Ó ń sọ pé iṣẹ́ náà parí, kò sọ pé ó gbé nǹkan kan. Ká ní ẹ̀rọ títà ní Mọ́kọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fáìlì rẹ̀ sí àpótí mìíràn. `rsync` á wo àpótí àtijọ́, kò ní rí ohun tuntun, á parí láìsí àṣìṣe, irin á sì dún.

Nítorí náà ni mo fi fi ẹ̀ṣọ́ kejì sí Dùgbẹ̀, níbi tí ẹrù ń sọ̀ sí. Ní agogo 10 alẹ́, ó ń béèrè bóyá fáìlì kankan wà tí wọ́n kọ láàárín wákàtí méjì sẹ́yìn. Bí ó bá rí i nìkan ni yóò lu irin tirẹ̀:

```
find /data/tita -name '*.csv' -mmin -120 | grep -q . \
  && curl -fsS -m 10 https://hc-ping.com/NOMBA-KEJI
```

Òun náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí àmì àkọ́kọ́ bá dé tí èkejì kò dé, mo ti mọ̀ pé ọ̀nà dára, ẹrù ni kò sí. Bí méjèèjì bá dákẹ́, Mọ́kọ́lá ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ta ni yóò gbọ́ ìpè?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì, ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ GitLab ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà wọn rẹ́. Wọ́n sáré lọ sí ibi tí iṣẹ́ alaalẹ́ ti yẹ kó máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí, wọ́n bá a lófìfo. Irinṣẹ́ `pg_dump` tí iṣẹ́ náà ń lò jẹ́ ti ẹ̀yà 9.2, nígbà tí àkọsílẹ̀ wọn wà lórí 9.6, nítorí náà ńṣe ló ń kùnà. Wọ́n ṣètò kí `cron` máa fi ímeèlì ránṣẹ́ bí ó bá kùnà, àmọ́ ibi tí ímeèlì náà ń lọ kọ̀ ọ́, torí kò ní àmì ìdánimọ̀ tó yẹ. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà náà sì ṣòfò. Ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn ló kọ gbogbo rẹ̀ síta fún aráyé kà.

Ìkìlọ̀ wọn wà, ọ̀nà tó ń gbà kọjá ló dí. Ìdí nìyẹn tí ìpè tiwa fi ń gba ọ̀nà méjì, Tẹligíráàmù àti ímeèlì, tó sì ń dé ọ̀dọ̀ èèyàn méjì. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe "àṣìṣe wà" lásán. Ohun tó ń sọ ni: "Ìwé Mọ́kọ́lá kò dé Dùgbẹ̀ lálẹ́ yìí. Ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà wà ní títàn, kí ẹ wo okùn íńtánẹ́ẹ̀tì." Ẹni tí kò mọ `cron` lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi `#` sí iwájú ìlà `cron` yẹn, kí iṣẹ́ má lè jí. Bí fóònù àwa méjèèjì kò bá dún kí agogo 9:30 tó kọjá dáadáa, a mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ti sùn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń yọ `#` kúrò, tí mo sì ń fọwọ́ jí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnìkejì tí ìpè náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń tajà ní Mọ́kọ́lá. Màmá ló ní kí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, fóònù mi dún ní 9:30. Kí n tó dìde, ó ti kọ ọ̀rọ̀ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, okùn ló yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà nígbà tí a ń gbálẹ̀. Mo ti kì í padà, kò sì tíì sẹ́ni tó pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ jí i níbẹ̀ yẹn." Mo jí i. Ní agogo 10, irin Dùgbẹ̀ dún.