Nígbà Tí Ọ̀nà Kan Bá Ń Mówó Wọlé

Ẹ jẹ́ ká sọ pé awakọ̀ akẹ́rù kan fẹ́ ti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo. Bó bá gba Ọ̀yọ́, yóò ná 4,000 náírà kó tó dé Ọ̀yọ́, yóò sì ná 3,000 láti ibẹ̀ dé Òṣogbo. Ó tún lè kọ́kọ́ yà sí Ìwó, èyí tí yóò ná an ní 5,000. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kan wà ní Ìwó tó ní ẹrù tó ń lọ sí Ọ̀yọ́. Owó tí oníṣòwò yìí máa san yóò gbé epo, 3,000 yóò sì ṣẹ́ kù sọ́wọ́ awakọ̀. A fúnra wa la fi iye wọ̀nyí sí i kí àlàyé lè rọrùn. Ọ̀nà Ìwó sí Ọ̀yọ́ ti di èrè, nítorí náà a kọ ọ́ bí òǹkà òdì: −3, tí a bá ń fi ẹgbẹ̀rún náírà ṣírò.

Ìlànà tí Edsger Dijkstra gbé jáde ní 1959 yára púpọ̀, ṣùgbọ́n èrè bí èyí máa ń ṣì í lọ́nà. Ìlú tí iye rẹ̀ kéré jù ló máa ń mú, á ti ìwé rẹ̀ pa, kò sì ní padà sí i mọ́. Ọ̀yọ́ jẹ́ 4, Ìwó jẹ́ 5, nítorí náà ó ti ìwé Ọ̀yọ́ pa lórí 4, ó sì ṣírò Òṣogbo sí 7. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba Ìwó yóò dé Ọ̀yọ́ lórí 2. Àwọn kan á ní ká fi 3 kún gbogbo ọ̀nà kí òdì lè kúrò. Ìyẹn ba ìṣirò jẹ́. Ọ̀nà tààrà sí Ọ̀yọ́ á di 7, ti Ìwó á di 8, nítorí pé ọ̀nà méjì ló gbà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì bù ú lé e. Ọ̀nà tó sàn jù á wá dà bí èyí tó burú.

Ìlànà tí a fi orúkọ Richard Bellman àti Lester Ford pè kì í ti ìwé ìlú kankan pa. A to gbogbo ọ̀nà sínú àkọsílẹ̀ kan, a ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì tún ń padà kà á. Lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan ṣoṣo la ń béèrè: bí a bá fi iye ọ̀nà yìí kún iye ìlú tó ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ó kéré sí iye tó wà lára ìlú tó parí sí? Bó bá kéré, a pa iye àtijọ́ rẹ́, a kọ tuntun, a sì kọ orúkọ ìlú tí a ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká to àkọsílẹ̀ wa báyìí: Ọ̀yọ́ sí Òṣogbo, Ìwó sí Ọ̀yọ́, Ìbàdàn sí Ìwó, Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ìbàdàn jẹ́ 0. A ò tíì mọ iye àwọn yòókù, ọ̀nà tó bá sì ti ìlú tí a ò tíì mọ iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fífò la ó fò ó. Ní kíkà àkọ́kọ́, Ìwó di 5, Ọ̀yọ́ di 4. Ní ìkejì, Òṣogbo kọ́kọ́ di 7, lẹ́yìn náà Ọ̀yọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí 2. Ní ìkẹta, Òṣogbo sọ̀ kalẹ̀ sí 5. Bí a bá kà á nígbà kẹrin, nǹkan kan kò yí padà.

Ìdí tí ẹ̀ẹ̀mẹta fi tó ni pé ìlú mẹ́rin ló wà. Ìrìn tí kò dé ìlú kan lẹ́ẹ̀mejì kò lè gba ju ọ̀nà mẹ́ta lọ, kíkà kọ̀ọ̀kan sì ń fi ó kéré tán ọ̀nà kan kún ohun tí a ti ṣírò tán. Bí àkọsílẹ̀ bá tò dáadáa, iṣẹ́ lè parí kí ó tó dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó kàn jẹ́ pé tiwa tò sẹ́yìn ni.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà kan kún ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀: Òṣogbo sí Ìwó, tó ń mú 1,000 wọlé, ìyẹn −1. Kíkà méjì àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ní ìkẹta, Òṣogbo di 5, Ìwó sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ̀ sí 4. Ní ìkẹrin, Ọ̀yọ́ tún sọ̀ láti 2 sí 1. Àṣírí tú níbẹ̀. Ìyípadà ní kíkà kẹrin túmọ̀ sí pé ìrìn tó gba ọ̀nà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sàn ju gbogbo èyí tó kúrú lọ, ìrìn bẹ́ẹ̀ sì ti yí padà dé ìlú kan lẹ́ẹ̀kejì. Àyípo tó bá dín iye kù, òdì ni àpapọ̀ rẹ̀.

Láti mọ ibi tó wà, a bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tó yí padà kẹ́yìn, a sì ń tọ orúkọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn: láti Ìwó la ti wọ Ọ̀yọ́, láti Òṣogbo la ti wọ Ìwó, láti Ọ̀yọ́ la ti wọ Òṣogbo. A ti padà síbi tí a ti gbéra: −3, 3 àti −1, àpapọ̀ −1. Nígbà mìíràn, ìlú tó yí padà náà lè wà lẹ́yìn àyípo, tí kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, a kọ́kọ́ máa ń rìn sẹ́yìn ní iye ìgbà tó bá iye ìlú mu kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sílẹ̀.

Nínú àwòrán tuntun yìí, ìbéèrè pé èló ni ọ̀nà Òṣogbo tó dínwó jù kò ní ìdáhùn mọ́, nítorí ẹni tó bá tún yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i á tún jèrè 1,000. Ìlànà yìí kì í sì í rí àyípo tí a ò lè dé láti ìlú tí a ti gbéra. Ká ní Ìbàdàn kò ní ọ̀nà sí Ìwó tàbí Ọ̀yọ́ rárá ni, gbogbo ọ̀nà mẹ́ta inú àyípo náà la ó máa fò, a ó sì kà á tán láìrí ìyípadà kankan. Àwọn tó fẹ́ yẹ gbogbo àwòrán wò máa ń fi 0 sí ara gbogbo ìlú látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, àyípo òdì kankan kò lè fara pa mọ́.