Òpómúléró Inú Àwòrán Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Bí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n to ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì sí nínú ọ́fíìsì kékeré, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ìwé kan lára ìlẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ya àwọsánmà sókè, wọ́n ya àpótí mélòó kan sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n wá fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ẹ̀ńjíníà tó ṣe iṣẹ́ náà ló fi sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún wò ó mọ́ títí di ọjọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀ jálẹ̀. Ìwé yẹn lè sọ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, kí ọjọ́ náà tó dé, ohun tí yóò bàjẹ́ tí gbogbo ọ́fíìsì yóò fi kawọ́ gbera.

Àmì inú rẹ̀ kò pọ̀. Àwọsánmà ni íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn gbogbo ohun tó wà lóde tí kì í ṣe tiwa. Àpótí róbótó tó ní ọfà mẹ́rin ni ráútà, tó ń gbé iṣẹ́ jáde tó sì ń gbé e wọlé. Onígun mẹ́rin tó ní ọfà ni súwíìṣì, àpótí oníhò púpọ̀ tí kébù gbogbo kọ̀ǹpútà ń wọ̀ (kì í ṣe súwíìṣì iná ara ògiri o). Ìlà tó gún régé sábà máa ń jẹ́ kébù, èyí tó rí wọ́gọwọ̀gọ bí mànàmáná sì lè jẹ́ ìsopọ̀ tó ń gba inú afẹ́fẹ́. Àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà, bíi `Gi0/1`, ń sọ ihò tí kébù náà wọ̀. Nọ́ńbà bíi `192.168.1.1` ni àdírẹ́sì àpótí.

Ohun tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni pé gígùn ìlà kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Àpótí méjì tó jìnnà síra nínú ìwé lè gun ara wọn lórí pẹpẹ kan náà, kí wọ́n sì máa fa iná lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Àwòrán ń fi ẹni tó so mọ́ ẹni hàn wá, kì í sọ ibi tí oníkálukú jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ́fíìsì oníṣirò owó kan tó wà nínú ilé alájà méjì n'Ìbàdàn, kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ méjìlá. Ìlà méjì ló sọ̀ kalẹ̀ láti inú àwọsánmà wọn: ọ̀kan jẹ́ kébù faíbà, èkejì jẹ́ ráútà kékeré onísímù tí wọ́n rà fún ọjọ́ tí faíbà bá já. Àwọn méjèèjì wọ inú ráútà ńlá kan. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde lára ráútà náà lọ sí súwíìṣì ìsàlẹ̀, tó ní ihò 24. Ara súwíìṣì yìí ni kọ̀ǹpútà méje so mọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ Wáífáì ìsàlẹ̀, àti àpótí tí gbogbo fáìlì àwọn oníbàárà wà. Ìlà kan tún gun òkè láti ara rẹ̀ lọ bá súwíìṣì kékeré, níbi tí kọ̀ǹpútà márùn-ún àti Wáífáì òkè so mọ́.

Ẹ wá fi àtàǹpàkò bo ohun kọ̀ọ̀kan lórí ìwé náà, kí ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, kí ẹ béèrè pé: ta ni kò ní lè dé ibo mọ́? Ẹ bo faíbà, símù ṣì wà. Ẹ bo súwíìṣì òkè, àwọn márùn-ún tó wà lókè nìkan ni nǹkan ṣe. Ẹ bo ráútà ńlá, gbogbo ọ́fíìsì kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti faíbà àti símù, nítorí àpótí kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà kọjá. Ẹ bo súwíìṣì ìsàlẹ̀, tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, fáìlì lọ, ìtẹ̀wé lọ, àwọn ará òkè kò sì lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ara wọn. Irú nǹkan báyìí ni mo ń pè ní òpómúléró: òpó kan ṣoṣo tí ilé gbára lé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bo àpótí, wọn kì í bo ìlà. Bẹ́ẹ̀, kébù kúkúrú tó so ráútà mọ́ súwíìṣì ìsàlẹ̀ wúwo tó ráútà fúnra rẹ̀. Bí eku bá jẹ ẹ́, tàbí tí agbálẹ̀ fa ìdí rẹ̀ yọ, ó di ọ̀kan náà pẹ̀lú kí ráútà kú.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo òpómúléró ló yẹ kí ènìyàn náwó lé lórí. Kébù tó wọ tábìlì akọ̀wé jẹ́ òpómúléró fún akọ̀wé nìkan, ààbọ̀ wákàtí ni wọn yóò sì fi pààrọ̀ rẹ̀. Ohun méjì ni mo máa ń wò: iye ènìyàn tí yóò dúró láìṣiṣẹ́, àti iye àkókò tí a óò fi rí òmíràn. Ráútà tó jẹ́ pé Èkó la ti ń bèèrè rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ńjíníà kan ṣoṣo ló mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, léwu ju súwíìṣì tí a lè sáré rà ní ọjà lọ.

Àpótí kan tún lè máa ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, kí àwòrán má sọ. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà oní-Windows kan nínú ọ́fíìsì náà, ẹ ṣí fèrèsé àṣẹ, kí ẹ tẹ `ipconfig /all`. Láàárín ọ̀pọ̀ ìlà tí yóò jáde, ẹ wá mẹ́ta wọ̀nyí:

```
Default Gateway . . . . . . . . . : 192.168.1.1
DHCP Server . . . . . . . . . . . : 192.168.1.1
DNS Servers . . . . . . . . . . . : 192.168.1.1
```

Nọ́ńbà kan náà ló wà níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ráútà yìí ni ẹnu ọ̀nà ìta, òun ló ń pín àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà tó bá wọlé, òun náà la sì ń bi léèrè pé nọ́ńbà wo ló wà lẹ́yìn orúkọ ojúlé ìkànnì kan. Nítorí náà, bí ó bá kú, wàhálà rẹ̀ kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà tó ti gba àdírẹ́sì láàárọ̀ yóò ṣì máa tẹ̀wé, yóò máa ṣí fáìlì, nítorí súwíìṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ni kò ní rí ẹni fún un ní àdírẹ́sì, yóò sì fún ara rẹ̀ ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `169.254`. Bí ẹ bá rí `169.254` lójú ẹ̀rọ, ẹ má wulẹ̀ pe ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín, inú ilé ni ọ̀ràn wà. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, bí àkókò àdírẹ́sì àwọn yòókù ti ń parí, àwọn náà yóò máa dákú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ́fíìsì yóò sì máa rò pé àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe wọ́n.

Iná ni àwòrán kì í sọ rárá. Mo máa ń mú bírò pupa, kí n fa ìlà láti ara àpótí kọ̀ọ̀kan lọ síbi tó ti ń fa iná. Ní ọ́fíìsì tí a mú yìí, módẹ́ẹ̀mù faíbà, ráútà onísímù, ráútà ńlá àti súwíìṣì ìsàlẹ̀, gbogbo wọn ló wà lára yúpíẹ́ẹ̀sì kan. Ẹ̀rọ Wáífáì ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ ní wáyà iná tirẹ̀, inú kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni iná rẹ̀ ti ń wá láti ara súwíìṣì. Ẹ fi àtàǹpàkò bo yúpíẹ́ẹ̀sì yẹn: faíbà àti símù tí a ń fi yangàn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì yúpíẹ́ẹ̀sì tó ti gbó sì lè má kìlọ̀. Nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ni yóò tó hàn.

Bí a bá wá jáde sí òde, ìlà méjì tó lọ sínú àwọsánmà lè di ọ̀kan níbi tí a kò ti lè rí i. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, kébù abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ nítòsí Abijáàn. Àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ra íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì, tí àwọn méjèèjì sì ń gba ara kébù wọ̀nyí lọ sókè òkun, rí i lọ́jọ́ náà pé ọ̀nà kan ṣoṣo lòun ní. Kébù Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022, kò sí lára àwọn tó bàjẹ́. Ọ́fíìsì kékeré kò lè tún òkun ṣe, ṣùgbọ́n ó lè bi ẹni tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún un pé: kébù wo lẹ ń gbà lọ, òpó ojú títì wo lẹ sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa?

Símù tó dúró dè wá ńkọ́, ṣé yóò dìde nígbà tí a bá pè é? Ọ̀pọ̀ ráútà ń wo bóyá kébù tó ti ọ̀dọ̀ módẹ́ẹ̀mù wá ṣì ní iná lára. Bí faíbà bá já ní ìta, módẹ́ẹ̀mù ṣì wà ní títàn, ráútà yóò rò pé àlàáfíà ni, kò sì ní yí padà sí símù. Kí wọ́n ṣètò rẹ̀ láti máa kí àdírẹ́sì tó wà lókèèrè, bíi `8.8.8.8` àti `1.1.1.1`, kó sì yí padà nígbà tí àwọn méjèèjì kò bá dáhùn. Bí a bá fi ọ̀kan ṣoṣo wò ó, ọjọ́ tí ẹni yẹn bá dákẹ́ la óò sá kúrò lórí ìlà tó dára.

Láti dán an wò, ẹ tẹ `ping -t 8.8.8.8`, kí ẹ wá fa faíbà yọ. Ẹ̀yìn módẹ́ẹ̀mù, níbi tí faíbà ti ń wọlé láti ìta, ni kí ẹ ti fà á, ẹ má fa kébù tó wà láàárín módẹ́ẹ̀mù àti ráútà. Èyí tó wà láàárín yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń fà, ráútà a sì yege ìdánwò tó rọrùn náà. `Request timed out` yóò fara hàn lójú ẹ̀rọ. Bí ìdáhùn bá padà láàárín ìṣẹ́jú kan, ó dáa. Bí ó bá kọ̀ tí kò padà, a jẹ́ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni símù yẹn látọjọ́ yìí.

Ní ti súwíìṣì, ẹnì kan lè ní ká fi kébù kejì so ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti òkè. Súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú kò gbọ́dọ̀ rí irú rẹ̀. Iṣẹ́ yóò máa yí po láàárín kébù méjèèjì, gbogbo iná ara rẹ̀ yóò máa ṣẹ́jú pa pọ̀, kò sì ní sí kọ̀ǹpútà kankan tí yóò lè ṣiṣẹ́. Àfi súwíìṣì tó mọ bí a ṣe ń ti ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì pa ni a lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Bí èmi ni mo bá ni ọ́fíìsì yìí, mi ò ní ra ohun gbogbo ní méjì-méjì. Màá yọ ráútà onísímù kúrò lára yúpíẹ́ẹ̀sì, kó dúró sí ara ínfátà, kí Wáífáì tirẹ̀ sì wà ní títàn, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè bọ́ sórí rẹ̀ bí ráútà ńlá bá kú. Fáìlì kò ní ṣeé ṣí fún wọn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà yóò lọ, owó yóò wọlé. Màá tọ́jú ẹ̀dà ètò inú ráútà ńlá síta, màá kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú àpò ìwé tí a tì mọ́ inú séèfù, màá sì fi súwíìṣì tuntun kan pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Súwíìṣì ìsàlẹ̀ yóò ṣì jẹ́ òpómúléró. Màá fi bírò pupa yí i po lórí ìwé ara ìlẹ̀kùn, màá kọ ọjọ́ sí i, màá sì kọ ibi tí arọ́pò rẹ̀ wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.